Ọ̀nà Kan Ló Wọ Ọjà Yìí: Yíyan Ọwọ́ Kan Ṣoṣo fún Àmì-Àwòrán Inú Síláìdì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ni fún ẹni tí ń wá iṣẹ́, òtítọ́ sì ni fún ẹni tí ń wá ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń to àmì-àwòrán sínú síláìdì kò gbọdọ̀ fi òwe yìí ṣe àwíjàre. Ní ti tirẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà: kí gbogbo àmì inú síláìdì rẹ̀ jọ ohun tí ọwọ́ kan náà yà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò sọ èyí nítorí ẹwà. Ohun tí ojú wa rí ní Garki ló jẹ́ kí a mọ̀ pé bí àmì kò bá jọra, ẹni tí ń wò wọ́n yóò wá ìtumọ̀ sí àìjọra náà, ìtumọ̀ tí yóò sì rí lè jẹ́ èyí tó léwu.

Ní ọdún 2021, àrùn onígbáméjì jà ní Àbújá àti ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa pinnu láti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọlọ́jà àti àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Garki, lórí bí a ṣe lè dènà àrùn náà àti ohun tí a lè kọ́kọ́ ṣe bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ. Ẹni tó bá mọ Garki mọ̀ pé èdè kan kò lè kárí ibẹ̀. Gbàgyí tó ni ilẹ̀ wà níbẹ̀, Haúsá wà níbẹ̀, Ígbò àti Yorùbá ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé àwòrán ni yóò sọ ọ̀rọ̀ náà, kí ọ̀rọ̀ ẹnu àti ògbufọ̀ wá máa tẹ̀ lé e.

Síláìdì 14 ni a ṣe, àwòrán inú wọn sì jẹ́ 23. Èèyàn 4 ni a pín iṣẹ́ náà fún, kálukú sì lọ wá àwòrán tirẹ̀ níbi tó mọ̀. Ọ̀kan mú àwòrán aláwọ̀ mèremère tó ní ojú àti ẹ̀rín, irú èyí tí wọ́n máa ń yà fún ọmọdé. Èkejì mú àmì onílà tẹ́ẹ́rẹ́ tí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ̀kẹta mú àmì dúdú tí inú rẹ̀ kún. Ẹ̀kẹrin gé fọ́tò. Nígbà tí a kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí pé àwòrán kọ̀ọ̀kan dára láyè ara rẹ̀.

Síláìdì kẹsàn-án ló tú wa fó. Òun ló ń kọ́ni bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru, nígbà tí kò bá sí èyí tí ilé ìwòsàn dì sínú ọ̀rá nítòsí. Ìwọ̀n rẹ̀ kò nira: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ṣíbí tíì kan náà ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré. A óò sì rẹ́ orí ṣíbí náà kí ó dọ́gba, kì í ṣe kí ó kún gègèrè. Lójú síláìdì wa, ṣíbí ṣúgà jẹ́ àwòrán ọmọdé, ó tóbi, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣíbí iyọ̀ jẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú, ó kéré. Fọ́tò ni omi. Nọ́ńbà 6 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, ìdajì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èkejì.

Màmá kan tí ń ta èlùbọ́ na ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ṣíbí ìjẹun ńlá ni a ó fi wọn ṣúgà, kí a wá fi ṣíbí tíì wọn iyọ̀?" A ní, "Rárá o, Màmá, ṣíbí kan náà ni." Wọ́n ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ya ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?" A kò rí èsì fún wọn. Kò pẹ́ náà ni bàbá kan béèrè láti ẹnu ògbufọ̀ bóyá èèwọ̀ ni garawa tó wà ní síláìdì kẹrin, nítorí pé pupa ni àwọ̀ rẹ̀, àwọn yòókù kì í sì í ṣe pupa. Garawa náà pupa nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó yà á ṣe yà á. Kò sí ìdí mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìbéèrè màmá yẹn yẹ̀ wò, nítorí pé òun ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Wọn kò ṣi àwòrán náà kà. Bí ènìyàn ṣe ń ka àmì gan-an ni wọ́n ṣe kà á. Ohun méjì tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ìrísí wọn yàtọ̀, ó yẹ kí ìtumọ̀ wọn yàtọ̀. Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa nínú àrokò. Bí a bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnìkan, ẹ̀fà ni, ó ń sọ pé ọkàn ẹni fà sí i. Bí iye ẹyọ bá yí padà, tàbí tí ojú ẹyọ bá kọ ẹ̀yìn síra dípò kí wọ́n kojú síra, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Kò sí ẹni tí ń fi ìyàtọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sínú àrokò. Aṣọ ẹbí náà kò yàtọ̀. Bí ogún ènìyàn bá wọ aṣọ kan níbi ìyàwó, tí ẹnìkan wọ òmíràn, àwọn àlejò yóò bi ara wọn pé ṣé ìdílé ọkọ ni ti ẹni yìí ni. Kódà kí ó jẹ́ pé aṣọ rẹ̀ ni kò tètè ti ọ̀dọ̀ aránṣọ dé.

Bí ìpo omi náà bá yí padà, ewu ni. Bí ìyá bá wọn ṣúgà pẹ̀lú ṣíbí ìjẹun, omi náà yóò dùn jù, ṣúgà àpọ̀jù sì lè mú kí ìgbẹ́ náà pọ̀ sí i. Bí ó bá ṣi ṣíbí iyọ̀ mú, iyọ̀ àpọ̀jù lè ṣe ọmọ kékeré ní jàǹbá. Nítorí náà, àìjọra ṣíbí méjì lójú síláìdì ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní àárín àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀ ní Ìbàdàn gba iléeṣẹ́ Isotype ti Lọ́ńdọ̀nù láti ṣe àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí yóò fi àwòrán ṣàlàyé ètò ìjọba fún ará ìlú, irú bí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Marie Neurath ló ń darí iléeṣẹ́ náà. Òun àti Otto Neurath, ọkọ rẹ̀ tó kú ní ọdún 1945, ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti Vienna ní àwọn ọdún 1920. Òfin méjì nínú iṣẹ́ wọn ló wúlò fún wa. Èkíní ni pé àmì kan fún ohun kan, kí a máa yà á bákan náà níbi gbogbo tó bá ti jẹ yọ. Èkejì ni pé bí ohun kan bá pọ̀, a kì í mú àmì rẹ̀ tóbi sí i, ńṣe ni a ń tún un yà ní iye ìgbà tó bá yẹ. Ìdí òfin kejì yìí hàn gbangba. Bí a bá mú kí àmì ga ní ìlọ́po méjì, yóò fẹ̀ ní ìlọ́po méjì pẹ̀lú, ààyè tó gbà lójú ìwé yóò sì di ìlọ́po mẹ́rin. Ojú yóò rí mẹ́rin níbi tí a fẹ́ sọ méjì.

Kí ló wá fà á tí àwa fi kó àdàlù àwòrán jọ? Nígbà kan, Microsoft ní àká àwòrán tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kílípáàtì. Ọwọ́ oríṣiríṣi ayàwòrán ló wà nínú àká yẹn pàápàá. Ní ọdún 2014 ni wọ́n ti í pa, tí wọ́n sì ń darí ènìyàn sí Bing láti wá àwòrán. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ àwòrán ṣíbí a tẹ orúkọ rẹ̀, a sì mú èyí tó kọ́kọ́ wù ú. Bó bá tún fẹ́ ti ọṣẹ, ibòmíràn ni yóò ti mú un. Ohun tó yẹ ni pé kí ènìyàn kọ́kọ́ yan ìdílé àmì, kí ó tó wá ẹyọ àmì kankan.

Báwo ni a ṣe ń mọ àmì tó jẹ́ ìdílé kan? Ohun mẹ́rin ni a ń wò. Àkọ́kọ́ ni inú rẹ̀: ṣé ó kún ni, àbí ìlà lásán ló yí i ká? Èkejì ni bí ìlà rẹ̀ ṣe nípọn tó. Ẹ̀kẹta ni igun rẹ̀: ṣé ó rí roboto ni, àbí ó mú ṣóńṣó? Ẹ̀kẹrin ni ibi tí a dúró sí wò ó: ṣé iwájú gan-an ni, àbí ẹ̀gbẹ́ kan láti òkè? Àmì garawa tí a wò láti iwájú àti àmì ife tí a wò láti òkè kò lè jẹ́ ọmọ ìyá, kódà kí àwọ̀ wọn jọra.

Àwọn ìdílé kan wà lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹni tó ṣe wọ́n ti pa òfin yìí mọ́. Lucide jẹ́ ọ̀kan. Orí pátákó 24 ní òró, 24 ní ìbú ni wọ́n ti ya gbogbo rẹ̀, ìlà wọn sì jẹ́ 2, orí ìlà náà sì rí roboto. Material Symbols ti Google jẹ́ òmíràn, ó sì ní ẹ̀yà mẹ́ta, Outlined, Rounded àti Sharp. Ẹni tó bá yan Material Symbols kò tíì yan tán, àfi bó bá mú ẹ̀yà kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú PowerPoint tòde òní, bí a bá tẹ `Insert`, tí a tẹ `Icons`, àmì yóò jáde. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra, nítorí pé níbẹ̀ náà, inú àwọn kan kún, àwọn mìíràn jẹ́ ìlà lásán.

Àwa yan èyí tí inú rẹ̀ kún. Gbọ̀ngàn tí a lò ní fèrèsé ńlá tí kò ní kọ́tìnì, pírójẹ́kítọ̀ wa kò sì lágbára. Àmì onílà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lò tẹ́lẹ̀ ti pòórá mọ́ àwọn tó jókòó lẹ́yìn lójú. Bí ó bá jẹ́ orí ìwé tàbí ojú fóònù ni, àmì onílà ì bá tó.

Báyìí ni a ṣe tún iṣẹ́ náà ṣe. A kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ohun tí a nílò sórí ìwé kí a tó ṣí kọ̀ǹpútà: ọwọ́, ọṣẹ, omi, ìkòkò lórí iná, oúnjẹ tí a bò, ṣíbí, ọmọ, ilé ìwòsàn. Àwòrán 23 wálẹ̀ di àmì 11, nítorí pé a rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti gbà ya omi, ọ̀nà méjì ni a sì gbà ya ọwọ́. Lẹ́yìn náà, a kó gbogbo àmì 11 sórí síláìdì kan ṣoṣo, a yan gbogbo wọn pọ̀, a fi `Graphics Fill` fún wọn ní àwọ̀ kan, a sì tẹ gíga kan náà sínú `Height`. Gíga yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ fún ẹni tó bá yan àmì onílà, nítorí pé bí a bá fa àmì kan tóbi sí i, ìlà rẹ̀ yóò nípọn sí i pẹ̀lú. Àmì méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá tẹ́lẹ̀ yóò wá dàbí ẹni tí kò tan mọ́ra.

Síláìdì tí àmì kún yìí ni a fi ṣe orísun. Inú rẹ̀ nìkan ni a ti ń da àmì kọ sí síláìdì yòókù. Kò sí ẹni tó láṣẹ láti mú àmì wá láti ibòmíràn.

Ìṣòro dé nígbà tí a wá omi inú ọ̀rá, èyí tí gbogbo Garki ń pè ní píọ́ wọ́tà, tí a kò rí i nínú ìdílé tí a yàn. Ìgò nìkan ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ omi inú ọ̀rá ni àwọn ìyá náà ní lọ́wọ́, méjì tí a kọ 50cl sí lára ló sì jẹ́ lítà 1. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú nìyí: wọn a sá lọ mú àwòrán ọ̀rá omi láti ibòmíràn, àdàlù a sì tún bẹ̀rẹ̀. Ńṣe ni àwa yà á fúnra wa. A fi àpótí onígun roboto ṣe ara ọ̀rá náà, a fi ìlà tóóró méjì ṣe òkè àti ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n fi iná lẹ̀, a sì gbé ẹ̀kán omi sí àárín. Lẹ́yìn náà ni a yan àpótí àti ẹ̀kán omi náà, tí a tẹ `Merge Shapes`, tí a sì tẹ `Subtract`, kí ẹ̀kán omi lè di ihò funfun nínú ọ̀rá tó kún. Bí àwọn àmì yòókù ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ní síláìdì kẹsàn-án tuntun, ọ̀rá omi méjì wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, ṣíbí 6 tò lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀rọ̀ ṣúgà wà níwájú wọn. Lábẹ́ ìyẹn, ṣíbí kan náà gan-an, tí ìdajì ẹnu rẹ̀ nìkan kún, ọ̀rọ̀ iyọ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é yọ, nítorí pé funfun ni ṣúgà, funfun ni iyọ̀, kò sí àmì tó lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn dájú. A kọ ọ́ ní èdè mẹ́rin. Ní ti àwọ̀ pupa, a fi í pamọ́ fún ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe nìkan, ibi méjì péré ló sì ti hàn nínú gbogbo síláìdì náà.

A tẹ síláìdì náà sórí ìwé, a sì mú un lọ sí ọjà kí a tó tún pe ènìyàn jọ. A kò bi ẹnikẹ́ni pé ṣé ó yé wọn, nítorí pé ẹni tí a bi bẹ́ẹ̀ yóò ní ó yé òun nítorí ìtìjú. Ńṣe ni a gbé ṣíbí méjì, ńlá àti kékeré, síwájú wọn, pẹ̀lú ṣúgà àti iyọ̀, tí a sì ní kí wọ́n ṣe ohun tí ìwé náà wí. Ìdí ṣíbí tíì ni a ṣì ní láti fi ẹnu sọ, nítorí pé àwòrán kò lè sọ bí ṣíbí ṣe tóbi tó. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó dán an wò ló fi ṣíbí kan náà wọn méjèèjì. Màmá ẹlẹ́lùbọ́ wà lára wọn. Wọ́n wo ìwé náà títí, wọ́n ní, "Báyìí ni ẹ ì bá ti wí láti ọjọ́ yẹn."

A kò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ lọ geere. Arákùnrin kan wo ọ̀rá tí a yà pẹ̀lú ẹ̀kán omi inú rẹ̀, ó ní epo ni. Ọwọ́ kan náà ló ya àmì yẹn àti àwọn yòókù, síbẹ̀ ó sọ ohun tí a kò rán an. Àmì tí kò yé ènìyàn kò ní yéni nítorí pé ó jọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A kọ 50cl sí ara ọ̀rá náà bí ó ti máa ń wà lára èyí tí wọ́n ń tà, kò sì sí ẹni tó tún pè é ní epo. Bákan náà, ibi kan wà tí fọ́tò ti sàn ju àmì lọ. Èyí tí ilé ìwòsàn dì sínú ọ̀rá, fọ́tò rẹ̀ gan-an ni a fi hàn, nítorí pé a fẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ ní ilé ìtajà oògùn. Síláìdì tirẹ̀ ló dá wà, kò sí àmì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tirẹ̀ ní ìdí.

Ẹni tó bá ti ní síláìdì nílẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá. Kí ó tẹ `View`, kí ó tẹ `Slide Sorter`, gbogbo síláìdì yóò sì tò síwájú rẹ̀ ní kékeré. Kí ó súnmọ́ ẹ̀yìn díẹ̀, kí ó dín ojú rẹ̀ kù. Àmì tó bá yọ sí i lójú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó fẹ́ kí yíyọ náà sọ. Bí kò bá rí èsì, kí ó yọ àmì náà kúrò kí màmá kan tó bi í léèrè níwájú èrò.